Ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé mi dé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń kó wọ ẹ̀yìn ìwé. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Adékọ̀wé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìtàn àròsọ ni mo kọ, Yorùbá pọ́nńbélé, orí 23. Èmi fúnra mi ni mo to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sójú ìwé nínú LibreOffice Writer. A5 ni, ojú-ìwé 276. Àwọn atẹ̀wé fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà. Nígbà tó dọ́wọ́ mi, ojú tì mí.

Mìlímítà 15 ni mo fi sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí mo bá dé àárín ìwé, bí ojú-ìwé 130 sí 150, àfi kí n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n tó rí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà lójú-ìwé apá òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìlà kan jìnnà síra, àwọn mìíràn sún mọ́ra, nínú ìpínrọ̀ kan náà o! Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn orí náà ò bára mu. Orí kìíní bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ dáadáa, orí kẹrin wà lókè fíofío. Kí n má purọ́, Enter ni mo ń tẹ̀ tí mo fi ń tì wọ́n wálẹ̀.

Ṣé kí n kàn fi kún etí inú ni, àbí kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀?

Ọmọ_Túlẹ̀
Ọ̀rẹ́, mo mọ ohun tó ṣe ọ́. Tí wọ́n bá ká ìwé pọ̀, àwọn ewé àárín máa ń yọ síta ju ti òde lọ, tí wọ́n bá wá gé etí rẹ̀, tàárín á kéré. Nítorí náà, bí o ṣe ń sún mọ́ àárín ni kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún etí inú. Ti ìlà yẹn, fi 1.5 sí gbogbo rẹ̀, ó parí.

ÌyáAtòwé
Ọmọ_Túlẹ̀, pé ewé àárín ń yọ síta kì í ṣe irọ́, ìwé mìíràn ló bá wí. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ká gbogbo ewé rẹ̀ sínú ara wọn, tí wọ́n wá fi wáyà gún un láàárín, ìyẹn ni ewé rẹ̀ máa ń yọ síta. Níbẹ̀ pàápàá, etí òde ni gígé ń jẹ, nítorí náà ńṣe ni wọ́n máa ń dín etí inú kù bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ àárín, wọn kì í fi kún un. Kò sẹ́ni tó ń fi wáyà gún ojú-ìwé 276. Adékọ̀wé, báwo ni wọ́n ṣe dì í? Wò ó láti òkè, níbi tí ewé ti pàdé èèpo ẹ̀yìn.

Adékọ̀wé
Ẹ ṣeun, mà. Gọ́ọ̀mù ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n to àwọn ewé pọ̀ ni, wọ́n wá lẹ̀ wọ́n mọ́ èèpo.

ÌyáAtòwé
Mo rò bẹ́ẹ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó lè mú, wọ́n máa ń fá ẹ̀yìn ewé náà, mìlímítà méjì sí mẹ́ta sì lè bá a lọ. Ìwé tó nípọn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í sì í là sílẹ̀ gbalaja, ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ wọ inú ni. Etí mìlímítà 15 rẹ yẹn, bóyá 8 tàbí 9 ni ojú òǹkàwé ń rí nínú rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé rẹ bóyá A5 tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́ ti yọ ibi tí wọ́n máa fá kúrò àbí kò yọ ọ́. Ìdáhùn yẹn nìkan lè yí ìwọ̀n rẹ padà.

Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kan etí kankan. Ìlà ni kí o kọ́kọ́ mú. Àyè tó wà láti ẹsẹ̀ ìlà kan dé ẹsẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e ni a fi ń wọn gbogbo ohun tó kù lójú-ìwé: bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ga tó, ibi tí orí á ti bẹ̀rẹ̀, àyè tó yí àkọlé ká. Bí ìlà kò bá dúró sójú kan, tún etí ṣe títí di ọ̀la, ojú-ìwé kò ní jókòó.

Nípa 1.5, kì í ṣe ìwọ̀n lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Gíga ìlà tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà fún un ni, kò sì sí fọ́ǹtì méjì tó bára wọn dọ́gba níbẹ̀. Ká ní lẹ́tà rẹ jẹ́ póìǹtì 11, tí fọ́ǹtì náà sì fún ìlà ní 13.2, 1.5 rẹ ti di 19.8 nìyẹn. Ojú-ìwé tó yẹ kó gba ìlà 34 máa gba 24. Ìwé rẹ á lọ sí nǹkan bí ojú-ìwé 390, á sì rí bí iṣẹ́ àmúrelé tí olùkọ́ fẹ́ kọ àtúnṣe sí láàárín ìlà.

Kúnlé_alágbèéká
Èmi ò rí irú wàhálà yìí rí o. Mo gbé ìwé mi sórí ayélujára láti kà lórí fóònù, kò sí bí mo ṣe ṣe etí rẹ̀ tó dúró. Ẹni tó ń kà á kàn ń fà á bó ṣe wù ú. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Ọmọ_Túlẹ̀
Kúnlé, ìwé orí bébà ni wọ́n ń sọ. Ti fóònù, òǹkàwé ló ni etí, kò kàn ọ́.

ÌyáAtòwé
Ìdí tí àwọn ìlà rẹ ò fi dọ́gba: wo àwọn ìlà tó jìnnà síra yẹn dáadáa, wà á rí i pé àwọn lẹ́tà bí ẹ̀ àti ọ́ ló wà nínú wọn, ìyẹn èyí tó ní àmì lókè tó tún ní ẹlẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀. Bí fọ́ǹtì tí o yàn kò bá ní wọn, Writer á yá wọn lára fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ọ. Fọ́ǹtì àyálò náà ga ju tìrẹ lọ, ló bá ti ìlà náà sókè. Orúkọ tó wà nínú àpótí fọ́ǹtì lókè kò ní yí padà, ìdí nìyẹn tí o ò fi mọ̀. Sọ ìwé náà di PDF, ṣí i, lọ sí `Properties`, kí o wo `Fonts`. Orúkọ tí o ò bá yàn tó wà níbẹ̀, òun ni àlejò.

Adékọ̀wé
Háà! Fọ́ǹtì kan ni mo yàn, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo padà wo ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀. Lójú-ìwé 12, nínú "ọ̀pọ̀lọpọ̀", àwọn ọ tó ní àmì lókè tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí kò ní àmì nípọn. Oṣù méjì ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yẹn tí n kò rí i.

ÌyáAtòwé
Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mú fọ́ǹtì tó mọ irú àmì wa: Gentium, Charis SIL tàbí Noto Serif. Charis máa ń fún ìlà ní àyè púpọ̀ fúnra rẹ̀, torí pé wọ́n ṣe é kó lè gba àmì tó gorí ara wọn. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ sí sítáì ìpínrọ̀ tí o fi to ọ̀rọ̀ ìwé, ní `Indents & Spacing`, kí o yí `Line Spacing` sí `Fixed`. Má fi `Single` tàbí `Proportional` sílẹ̀. Kọ póìǹtì 14 síbẹ̀ fún lẹ́tà 11. `Fixed` ò ní jẹ́ kí lẹ́tà kankan ti ìlà. Ìwé tí kò ní àmì tó tiwa lè gba 13, ṣùgbọ́n tiwa yìí, ẹlẹ́sẹ̀ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń wá ara wọn kiri. Tẹ ojú-ìwé kan ní 13, kan ní 14, kan ní 15, kí o wá ibi tí Ọ́ ńlá bọ́ sábẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Orí bébà ni kí o ti wò ó, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà.

Adékọ̀wé
Mo ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Gentium, lẹ́tà 11. Ní 13, ẹlẹ́sẹ̀ "gbọ́" fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé àmì orí "Ọ́fíìsì" tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 15, ìlà ń fò lójú mi. 14 ni mo mú. Kí ló wá kàn, mà?

ÌyáAtòwé
Wàyí o, a lè ṣe etí. Bẹ̀rẹ̀ láti inú: fi 22 sí i, kí o fi 16 sí òde. Nínú `Format > Page Style`, abẹ́ `Page`, yan `Mirrored` níbi `Page layout`, kí inú àti òde lè máa pààrọ̀ ara wọn ní òsì àti ọ̀tún. A5 fẹ̀ tó 148, nítorí náà ìlà rẹ á gùn tó mìlímítà 110. Ka lẹ́tà inú ìlà mẹ́wàá, pẹ̀lú àlàfo wọn, kí o pín in sí mẹ́wàá. Bí o bá rí nǹkan bí 60 sí 68, o ti dé ilé. Bó bá lé ní 75, ojú òǹkàwé á máa padà sórí ìlà tó ti kà tẹ́lẹ̀.

Òkè, fi 18 sí i. Ti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fojú bù, ìlà ló máa sọ ọ́. Ìlà 34 lọ́nà 14 jẹ́ póìǹtì 476, ìyẹn mìlímítà 168 ó dín díẹ̀. 210, yọ 18, yọ 168, ó ku 24 nísàlẹ̀. Má kọ 24.1 o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìṣirò rẹ lè fi han ọ́. Bí àyè bá fi bí irun dín sí ìlà 34, Writer á gbé ìlà tó gbẹ̀yìn lọ sí ojú-ìwé kejì, wà á sì máa ṣe kàyéfì.

Ohun kan wà tó máa ń dá ènìyàn láàmú níbẹ̀. Bí o bá tan `Footer` fún nọ́ńbà ojú-ìwé, inú àyè ọ̀rọ̀ ló ti ń jẹ, kì í ṣe inú etí. Nítorí náà, din etí ìsàlẹ̀ kù títí ọ̀rọ̀ á fi padà dúró níbi tí mìlímítà 24 á ti kù nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì yọ `AutoFit height` kúrò kó má baà máa wú. Wá ojú-ìwé tó kún fọ́fọ́, ka ìlà rẹ̀. Bí kò bá pé 34, nọ́ńbà rẹ ti jẹ ẹ́.

Atẹ̀wé_Àgbà
Ẹ kú ìfẹ́ ìwé o. Ẹ̀rọ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, n kì í to ọ̀rọ̀, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Kí àbúrò yìí tó gba 22 gbọ́, kó tẹ ojú-ìwé mẹ́rin, òsì àti ọ̀tún, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Kó gé wọn ní A5, kó wá ìwé mìíràn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì tó nípọn tó tirẹ̀, kó fi wọ́n sáàárín rẹ̀, kó wọlé dé ibi tí gọ́ọ̀mù ti mú, kó wá mú un dání bí ẹni tó ń kàwé. Ibi tí ìlà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ òkùnkùn, á rí i lójú ara rẹ̀.

Kó sì béèrè ọ̀nà tí iṣan bébà, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, gbà. Ó yẹ kí iṣan bébà bá ẹ̀yìn ìwé lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá dábùú rẹ̀, ìwé náà á le gbagidi, kódà bí etí inú bá jẹ́ 25.

Adékọ̀wé
Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ṣe é báyìí. Ní 22 mo ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ láìtẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ní 20 náà mo ń rí i, ṣùgbọ́n ó há. Àwọn atẹ̀wé ní ibi tí wọ́n máa fá kò sí nínú A5 yẹn, pé àwọn á fi mìlímítà mẹ́ta kún bébà ní ẹ̀yìn fúnra wọn. Mo dúró lórí 22.

Ó ku ìbẹ̀rẹ̀ orí. Mo sì fẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ ní orí kọ̀ọ̀kan tóbi, kó jìn wọ ìlà mẹ́ta.

ÌyáAtòwé
Pa gbogbo Enter yẹn rẹ́ ná. Àṣìṣe rẹ níbẹ̀ ni pé Enter kọ̀ọ̀kan ń gba gíga sítáì tó bá wà lórí rẹ̀, nítorí náà Enter mẹ́fà ní orí kìíní kì í ṣe Enter mẹ́fà ní orí kẹrin.

Sítáì ojú-ìwé ọ̀tọ̀ ni kí o ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀ orí. `First Page` wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lo òun. Etí rẹ̀ bákan náà ni, àfi òkè tí wàá fi ìlà márùn-ún kún. Ìlà kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 4.94, márùn-ún jẹ́ 24.7, òkè wá di 42.7. Nínú `Next style`, yan sítáì tí ìyókù ìwé ń lò. Lẹ́yìn náà, nínú sítáì ìpínrọ̀ tí o fi kọ "Orí Kẹrin", abẹ́ `Text Flow`, ní `Breaks`, sọ fún un pé kó ṣí ojú-ìwé tuntun pẹ̀lú `First Page`. Láti ìgbà yẹn lọ, bí o bá ti fi sítáì yẹn sí ọ̀rọ̀, ojú-ìwé á ṣí fúnra rẹ̀.

Lábẹ́ ìlà márùn-ún tó ṣófo yẹn, "Orí Kẹrin" gba ìlà kan, póìǹtì 14. Àkọlé rẹ̀, lẹ́tà 18, `Fixed` 28, ìyẹn ìlà méjì. Àyè abẹ́ àkọlé, póìǹtì 42, ìlà mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kejìlá gẹ́lẹ́, ìlà 23 ló sì kù fún un. Ṣé o rí i pé kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tí 14 kò lè pín láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí 18 tó jẹ́ ìwọ̀n lẹ́tà nìkan? Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìlà ojú-ìwé ìbẹ̀rẹ̀ orí bá ti ojú-ìwé tó dojú kọ ọ́ dọ́gba. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, gbé ewé kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn, bó bá tiẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹ̀rọ.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò nílò àyè ìwọlé, àkọlé ti sọ pé a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyókù, fi póìǹtì 14 sí i. Má fi ìlà ṣófo láàárín ìpínrọ̀. Àkọlé tó ń wà lókè ojú-ìwé kò gbọ́dọ̀ dé ojú-ìwé ìbẹ̀rẹ̀ orí.

Lẹ́tà ńlá yẹn, yọ ọ́. Lẹ́tà wo ni orí kẹrin fi bẹ̀rẹ̀?

Adékọ̀wé
"Ọ̀sán pọ́n."

ÌyáAtòwé
O gbọ́ ara rẹ. Ọ̀ tó jìn tó ìlà mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sórí ìlà kẹrin, àmì orí rẹ̀ á yọ gọngọ wọ abẹ́ àkọlé. Bí orí karùn-ún bá wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, méjèèjì ò ní jọ ọmọ ìyá kan. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní lẹ́tà ńlá póìǹtì 10, ó tó.

Ọmọ_Túlẹ̀
Màmá, èmi ti ṣe lẹ́tà ńlá yẹn rí nínú ìwé Yorùbá o. Mo ti ìlà kẹrin sọ́tùn-ún díẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè. Ó wu àwọn ènìyàn.

ÌyáAtòwé
Orí mélòó?

Ọmọ_Túlẹ̀
Mẹ́ta.

Adékọ̀wé
Mo ti yọ ọ́, 23 pọ̀ jù. Ìwé náà ti di ojú-ìwé 302 báyìí. Ìyẹn bí orí bá ń bẹ̀rẹ̀ lójú-ìwé tó bá kàn. Bí gbogbo orí bá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo kà á, ojú-ìwé 11 á ṣófo, á di 313. Èwo ni kí n ṣe?

Atẹ̀wé_Àgbà
Bí àwọn atẹ̀wé rẹ bá ń tẹ ojú-ìwé 16 pọ̀ lórí bébà ńlá kan, 302 á wọ inú 304, méjì péré ló máa ṣófo lẹ́yìn. 313 á di 320. Bébà ńlá kan gbáko lo fi ra òfìfo. Èmi ò ní ṣe é.

ÌyáAtòwé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ lẹ ń rò. Ìwé ìtàn tí orí rẹ̀ gùn máa ń sinmi dáadáa bó bá ń bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n orí 23 nínú ojú-ìwé 302, orí kúkúrú nìyẹn, ojú-ìwé 13 péré. N kò ní bá yín jà lórí èyí. Kí orí kìíní nìkan bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìyókù lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá bọ́ sí.

Adékọ̀wé
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Àwọn ojú-ìwé kan ní ìlà 33 dípò 34, mi ò sì fọwọ́ kàn wọ́n.

ÌyáAtòwé
`Orphan control` àti `Widow control` ló ń ṣe é. Kò fẹ́ kí ìlà kan ṣoṣo ti ìpínrọ̀ dá wà ní ìsàlẹ̀ tàbí ní òkè, ló bá gbé e lọ. Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n máa wo ojú-ìwé méjì tó dojú kọra. Bí òsì bá jẹ́ 33, jẹ́ kí ọ̀tún náà jẹ́ 33, ojú ò ní rí i. Bí méjèèjì kò bá ṣeé mú dọ́gba bẹ́ẹ̀, wá ìpínrọ̀ kan nítòsí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá wà ní ìlà ìkẹyìn rẹ̀. Ìwọ lo kọ ìwé náà, yọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, ìlà yẹn á pòórá.

Atẹ̀wé_Àgbà
Èmi máa ń rí àwọn tó ń pa méjèèjì, tí wọ́n ń jẹ́ kí ìlà kan dá wà nísàlẹ̀ kí ojú-ìwé lè dọ́gba. Ti ìsàlẹ̀ kò burú. Ti òkè ni kò dára.

Adékọ̀wé
Mo ti ń yọ ọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo dé orí kẹtàdínlógún báyìí, àkọlé rẹ̀ gba ìlà méjì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kẹrìnlá. Ṣé kí n dín àyè abẹ́ rẹ̀ sí ìlà kan ni, àbí kí n gé àkọlé?

ÌyáAtòwé
Kí ni àkọlé náà?